Ètò ìjókòó àpèjẹ ìgbéyàwó: màmá mi àti ìyàwó bàbá mi kò lè jókòó sójú kan

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìgbéyàwó mi ku oṣù méjì, Ìbàdàn níbí la ti máa ṣe é. Àwọn tó ni gbọ̀ngàn ní tábìlì róbótó 26 ló máa wọ ibẹ̀, àga mẹ́wàá mẹ́wàá. Àlejò wa jẹ́ 258. Màmá mi ti kúrò lọ́dọ̀ bàbá mi tipẹ́, wọ́n sì ti ní ọkọ mìíràn. Bàbá mi ní kí àwọn, ìyàwó wọn àti màmá mi jọ jókòó sí tábìlì kan, kí àwọn àna má bàa rò pé ilé wọn ti tú. Màmá mi ní bí wọ́n bá fi àwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin yẹn, ilé ni àwọn máa gbà lọ. Lọ́dọ̀ ọkọ mi, bàbá wọn ti di olóògbé, ìyá wọn àti àbúrò bàbá wọn kò sì kí ara wọn mọ́ nítorí ilé tí olóògbé fi sílẹ̀. Báwo ni kí n ṣe tò wọ́n?

Bàbá_Mọ́kọ́lá

Ọmọ mi, ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run á jẹ́ kó dára. Kò yẹ kí èyí le tó báyìí. Ibi tí baálé bá jókòó sí ni àwọn ìyàwó rẹ̀ ń jókòó sí, ìyálé á ṣáájú, ìyàwó á tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kan péré ni, kí màmá rẹ fara dà á nítorí tìrẹ. Ní ti àyè, tábìlì ńlá yẹn máa ń gba àga méjìlá. To méjìlá méjìlá sí i, àyè á ṣẹ́kù fún yín. Kí o wá kọ orúkọ oníkálukú sí àga rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá ẹnì kankan jà.

Ìdòwú_Ẹdẹ

Ẹ kí gbogbo ilé. Lójú tèmi, ìdílé ìyàwó á wà lápá kan, ìdílé ọkọ á wà lápá kejì, wọ́n á kọjú síra wọn, alága ìjókòó àti alága ìdúró á wà láàárín. Bí wọ́n ṣe ṣe ti àbúrò mi nìyẹn, kò sí wàhálà kankan. Ẹ jẹ́ kí màmá jókòó síwájú, kí ìyàwó bàbá wà ní ìlà ẹ̀yìn.

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà

Ẹ ṣeun o, Ìdòwú, ṣùgbọ́n ìdána nìyẹn, a sì ti ṣe ìdána kọjá. Ọjọ́ náà, ìyàwó bàbá mi wà nídìí oúnjẹ látàárọ̀, wọn ò fojú kan màmá mi rárá. Àpèjẹ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń sọ, níbi tí gbogbo wọn máa wà nínú gbọ̀ngàn kan fún wákàtí mẹ́rin ó lé.

Ìyá_Alétò

Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú oríire. Iṣẹ́ ètò àpèjẹ ni mò ń ṣe, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣe é jù.

Bàbá Mọ́kọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Òótọ́ ni pé iwájú ló yẹ kí àwọn àna ti rí bàbá ìyàwó àti ìyá ìyàwó, kò sì yẹ kí wọ́n fi ẹnikẹ́ni pa mọ́ sí ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ìyá Àbẹ̀kẹ́ kì í ṣe ìyálé nílé yẹn mọ́. Ìyàwó ọkùnrin mìíràn ni wọ́n. Bí a bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn àtijọ́ lójú gbogbo ayé, a ti rí ọkọ tí wọ́n ní báyìí fín, òun náà sì lè wà nínú gbọ̀ngàn yẹn.

Ní ti àga méjìlá, ẹ jẹ́ ká fi téèpù wọ̀n ọ́n. Tábìlì róbótó tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, bí ẹ bá wọn etí rẹ̀ yí ká, ó máa tó íńṣì 226. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá jókòó tì í, oníkálukú á ní bí íńṣì 22, ìyẹn dára. Bí wọ́n bá di méjìlá, kò ní pé íńṣì 19 tó máa kan ẹnì kan. Ọ̀dọ́kùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì lè fara dà á. Àmọ́ ẹni tó wọ agbádá gbọ́dọ̀ rí ibi ká apá sí, gèlè ìyá kan á sì máa gún ìyá kejì lójú. Bí ẹ bá rí i pé àwọn ìyá ń sún àga kúrò nídìí tábìlì, tí wọ́n ń gbé abọ́ lé itan, ẹ mọ̀ pé èrò ti pọ̀ jù nídìí rẹ̀.

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni gbọ̀ngàn bóyá tábìlì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni tàbí ti márùn-ún. Ti márùn-ún, ènìyàn mẹ́jọ ló gbà. Àwọn kan á to àga mẹ́wàá sí i, wọ́n á ní mẹ́wàá ló gbà. Lọ fi téèpù wọ̀n ọ́n fúnra rẹ.

Lẹ́yìn náà, má tíì to ẹnì kankan. Pín àlejò rẹ sí agbo agbo, kí o sọ iye tó wà nínú agbo kọ̀ọ̀kan fún wa. Ìwé àwọn tó san owó aṣọ ẹbí ni kí o fi kà á. Ẹni tó bá ti ra aṣọ ẹbí ń bọ̀, ìbáà fèsì ìwé ìpè, ìbáà má fèsì. Kí o sì béèrè àwọn ọmọdé tó ń bọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ń gba àga, bẹ́ẹ̀ ni kì í sí nínú ìwé ẹnì kankan.

Dàpọ̀_Pẹ́kámù

Lọ́dọ̀ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, iye ènìyàn tí gbọ̀ngàn lè gbà ti wà nílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ iná, wọn kò sì ní gbà kó lé. A kọ orúkọ sí àga gbogbo nígbà tí mo ṣègbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn méjì tí a kò pè. Wọ́n ká páálí orúkọ mẹ́ta kúrò, wọ́n sì jókòó. Àwọn tó ni àga dé, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Mọ́kọ́lá, orúkọ lórí àga kò dá ìjà dúró níbẹ̀ o, òun gan-an ló dá a sílẹ̀.

Ìyá_Alétò

Òótọ́ lo sọ, Dàpọ̀. Tábìlì ni mo máa ń pín fún ènìyàn, n kì í pín àga. Tí mo bá ti sọ pé tábìlì mẹ́ta yìí ni ti ìdílé bàbá ìyàwó, àwọn fúnra wọn mọ ẹni tó yẹ kó jókòó síbi tó sún mọ́ iwájú. Ẹni méjì tó bá ń bínú síra wọn nínú ìdílé yẹn á jókòó jìnnà síra láìjẹ́ pé èmi sọ ọ́. Páálí tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan kò kọjá iwájú pátápátá, níbi tí àwọn òbí wà.

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà

Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti lọ wọ̀n ọ́n, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni. Àwọn agbo náà rèé, pẹ̀lú àwọn ọmọdé:

Ìdílé bàbá mi, 34 (ìyàwó wọn àti ọmọ wọn mẹ́rin wà nínú rẹ̀, ọ̀dọ́ ni àwọn ọmọ náà). Ìdílé màmá mi, 26. Ìdílé ìyá ọkọ mi, 28. Ìdílé bàbá ọkọ mi, 30. Ẹgbẹ́ màmá mi, 22. Ṣọ́ọ̀ṣì, 30. Ará ibi iṣẹ́, 20. Aládùúgbò, 20. Ọ̀rẹ́ èmi àti ọkọ mi, 48.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 258. Tábìlì 26 ní mẹ́wàá mẹ́wàá jẹ́ 260. Mo rò pé ó tó.

Ìyá_Alétò

Lójú ìwé ló ti tó. Ènìyàn 34 kò lè jókòó sí tábìlì mẹ́ta ààbọ̀, tábìlì mẹ́rin ni wọ́n máa gbà. 26 á gba mẹ́ta, 28 á gba mẹ́ta, 22 náà á gba mẹ́ta. Bí o bá ṣírò agbo kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, tábìlì 28 lo nílò, 26 lo sì ní. Ibí ni ọ̀pọ̀ ìjà inú àpèjẹ ti ń wá. Wọ́n á ní kí ènìyàn mẹ́rin tó ṣẹ́kù nínú ìdílé bàbá lọ bá ènìyàn mẹ́fà tó ṣẹ́kù nínú ìdílé màmá jókòó, torí pé mẹ́rin àti mẹ́fà jẹ́ mẹ́wàá. Ìṣírò rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn náà kì í kí ara wọn.

Ohun tí mo máa ṣe rèé. Àwọn ọ̀rẹ́ yín 48, má fi tábìlì róbótó fún wọn rárá. Béèrè tábìlì gígùn ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Bí o bá so mẹ́ta pọ̀, ènìyàn méjìlá á jókòó lápá kan, méjìlá lápá kejì, ẹyọ kan ní orí, ẹyọ kan ní ìdí, ó di 26. Ìlà méjì á gba 52. Ọ̀dọ́ fẹ́ràn irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, kò sì gba ilẹ̀ púpọ̀. Ìlà méjèèjì kò ní gbà ju àyè tábìlì róbótó mẹ́rin lọ. Tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, lápá ibi tí sípíkà wà. Àwọn ni ariwo kì í dà láàmú, nítorí náà má gbé ìyá àgbà kankan sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà.

Ó ku àyè tábìlì róbótó 22. Àwọn ọmọ mẹ́rin tó jẹ́ ti ìyàwó bàbá rẹ, ọ̀dọ́ ni wọ́n, kí wọ́n bá àwọn ọ̀rẹ́ yín jókòó. Àwọn náà ló pé 52. Ìdílé bàbá á wá di 30, tábìlì mẹ́ta géérégé. Nínú ẹgbẹ́ màmá rẹ, kò ní ṣàì sí àbúrò wọn méjì kan níbẹ̀. Kó wọn padà sínú ìdílé, ẹgbẹ́ á di 20, tábìlì méjì, ìdílé màmá á di 28, tábìlì mẹ́ta. Ka àwọn tó kù, wàá rí i pé tábìlì 21 ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ẹyọ kan ṣẹ́kù. Má fún ẹnikẹ́ni. Tọ́jú rẹ̀ fún mo-gbọ́-mo-yà, kí o sì bo orí àga rẹ̀ títí wákàtí kan á fi kọjá lẹ́yìn tí àpèjẹ bẹ̀rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà

Òótọ́ ni, àbúrò màmá mi méjì wà nínú ẹgbẹ́ náà! Ẹ wá bá mi dé iwájú pátápátá, Màmá. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà.

Ìyá_Alétò

Wo iwájú bí ẹni tó jókòó sórí àga ìyàwó. Pápá ijó wà níwájú rẹ, ìdílé tìrẹ lápá kan, ti ọkọ lápá kejì. Lápá tìrẹ, tábìlì mẹ́ta ló máa kan pápá ijó. Bàbá rẹ àti ìyàwó wọn pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n wọn á wà ní tábìlì kìíní. Màmá rẹ pẹ̀lú àwọn ènìyàn wọn á wà ní tábìlì kẹta. Tábìlì kejì tó wà láàárín wọn ni kí o fi fún àwọn tí àwọn méjèèjì bọ̀wọ̀ fún, àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá wo ènìyàn, ènìyàn á dákẹ́. Bí ìdílé bàbá rẹ bá ní mọ́gàjí tàbí olórí ẹbí tó ń bọ̀, ibẹ̀ ni, pẹ̀lú pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀. Mú tábìlì yìí látinú mẹ́ta ti ṣọ́ọ̀ṣì, kí o sì fi ẹni méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì rọ́pò bí olórí ẹbí àti ìyàwó rẹ̀ bá kúrò ní ti ìdílé.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí tábìlì kìíní àti ìkẹta jìnnà sí ọ ní ìwọ̀n kan náà. Fi téèpù wọ̀n ọ́n láti orí àga rẹ. Bí tábìlì màmá bá fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà jìnnà ju ti bàbá lọ, kò sẹ́ni tó máa wọ̀n ọ́n, àmọ́ gbogbo ìdílé màmá ló máa rí i. To àga iwájú náà kí àwọn méjèèjì kọjú sí ìwọ, kí wọ́n má kọjú síra wọn.

Lápá ti ọkọ rẹ, bákan náà ni. Ìyá wọn ní tábìlì kan, àbúrò bàbá wọn ní òmíràn, ènìyàn kan láàárín. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ ló gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí yóò dúró bíi bàbá nígbà tí wọ́n bá ń pe àwọn òbí. Ètò ìjókòó kò lè sọ ìyẹn fún yín.

Má fi nọ́ńbà sórí tábìlì. Ẹni tó bá rí 14 á béèrè ohun tí òun fi ṣẹ̀ tí òun kò fi wà ní 2. Orúkọ òdòdó tàbí èso ni kí o lò.

Alásè_Ọ̀jẹ́

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ti ìdí oúnjẹ, torí mo ti rí i tí ètò ìjókòó dára, tí abọ́ sì bà á jẹ́. Bí tábìlì bàbá bá rí ìgbín tàbí orí ẹja tí tábìlì màmá kò rí i, ìjókòó tí ẹ fi téèpù wọ̀n ti di asán. Mo máa ń ní kí wọ́n fi àmì sí àwọn tábìlì òbí lórí ìwé tí wọ́n bá fún mi. Ẹni méjì ni mo máa ń yàn, ẹnì kan fún tábìlì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á jọ jáde láti ibi tí mò ń bu oúnjẹ, abọ́ á dé ibi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. N kì í fi ti màmá dúró de ìgbà tí bàbá bá jẹ tán.

Kí ẹ sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún wa o. Bí ẹ̀yìn àga tábìlì kan bá kan ẹ̀yìn àga tábìlì kejì, ẹni tó gbé ọbẹ̀ gbígbóná á gba orí ènìyàn kọjá. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún láti etí tábìlì dé etí tábìlì ni mo máa ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àga á gba apá kan nínú rẹ̀, èyí tó kù ni a ó máa gbà.

Bàbá_Mọ́kọ́lá

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí tábìlì àti àga. Lórí ti màmá, ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá pe bàbá àti ìyá ìyàwó jáde láti gbàdúrà fún ọmọ, ṣé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa jáde? Àwọn àna á ṣì rí i.

Ìyá_Alétò

Bàbá, wọ́n á rí i. Kí atọ́kùn pe bàbá ìyàwó lórúkọ, kó pe ìyá ìyàwó lórúkọ, kí oníkálukú rìn wá láti tábìlì tirẹ̀, kí wọ́n pàdé níwájú ọmọ. Kó má sọ pé "àwọn tọkọtaya tó bí ìyàwó wa". Kọ ohun tó máa sọ fún un.

Ìdòwú_Ẹdẹ

Ìyàwó bàbá ńkọ́? Bí wọ́n bá pe màmá jáde tí wọ́n fi tirẹ̀ sílẹ̀ nídìí tábìlì, ṣé kò ní dùn ún? Ìyàwó bàbá ló tọ́ èmi dàgbà, ìyá tó bí mi ti kú. N kò lè ṣe irú rẹ̀ sí wọn láé.

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà

Ìdòwú, Ọlọ́run á tẹ́ ìyá sí afẹ́fẹ́ rere. Ọ̀rọ̀ yín kàn mí. Ìyàwó bàbá mi kò ṣe mí níbi rí, àwọn ló san owó ìdánwò mi ní ọdún tí ọwọ́ bàbá mi kò tó o. Mo ti bá atọ́kùn sọ ọ́, ó máa pè wọ́n jáde lọ́tọ̀ nígbà ijó ìdílé bàbá, kí n jó lọ bá wọn níbi tábìlì wọn.

Mo ti bá màmá mi náà sọ̀rọ̀. N kò lọ fúnra mi, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ni mo bẹ̀, torí wọn kì í já wọn níyàn. Tábìlì tiwọn nìkan ni wọ́n fi hàn wọ́n lórí ìwé, wọn ò fi gbogbo ètò hàn wọ́n. Wọ́n béèrè ẹni tó wà láàárín, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé pásítọ̀ ni, wọ́n ní kò burú. Bàbá mi kùn díẹ̀, wọ́n ní kí tábìlì àwọn má wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ó ku ẹnì kan. Ọkọ màmá mi ní àwọn ń bọ̀. Ṣé iwájú ni kí wọ́n jókòó sí pẹ̀lú màmá mi, lójú bàbá mi, tàbí kí n fi wọ́n sí tábìlì kejì ti ìdílé màmá?

Ìyá_Alétò

Iwájú, ní tèmi. Ọkọ wọn ni.

Bàbá_Mọ́kọ́lá

Tábìlì kejì, ní tèmi. Ọjọ́ bàbá tó bí ọmọ ni ọjọ́ yẹn, ọkùnrin tó bá gbọ́n fúnra rẹ̀ á yẹra fún iwájú.

Dàpọ̀_Pẹ́kámù

Ẹ bi àwọn fúnra wọn léèrè. Ọkọ ìyá mi ló sọ fún wa pé ẹ̀yìn ni àwọn fẹ́, wọ́n ní orí àwọn kò gba ariwo.

Ìyá_Alétò

Bí o bá bi wọ́n, ẹ̀gbọ́n màmá rẹ yẹn náà ni kó béèrè o, má jẹ́ kó ti ẹnu tìrẹ jáde. Ohun kan kù: àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń háyà láti júwe àga kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Mú ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá rẹ kan, àti ẹnì kan láti ìdílé ìyá ọkọ, ẹnì kan láti ti bàbá ọkọ. Kí wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà ní wákàtí kan ṣáájú, kí ìwé orúkọ tábìlì wà lọ́wọ́ wọn. Ìdílé bàbá ló máa ń pẹ́ dé jù. Bí ẹnì kankan kò bá dúró ti tábìlì wọn, aládùúgbò á ti jókòó síbẹ̀ kí wọ́n tó dé, kò sì sẹ́ni tó máa lè ní kó dìde.

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà

Mo ti kọ orúkọ àwọn mẹ́rin náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n màmá mi máa bá ọkọ wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, màá sọ èsì rẹ̀ fún yín níbí.